Aago Mẹ́rin Ọjọ́ Àìkú

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò mọ irú kíkí tí wọ́n ń kí ẹni tó ti lọ, nítorí náà n ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀: ara mi yá, mo sì ti jẹun. Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo bá wá. Ó kù díẹ̀ kí n pàdánù àwọn náà, wọ́n sì wà láàyè, wọ́n wà ní Ṣógúnlé níbẹ̀, lórí àga onírin yín.

Ṣé ẹ rántí iṣẹ́ tí fóònù mi máa ń jẹ́ lọ́jọ́ Àìkú? Ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé Ìlú Ọba, mo pè yín láìsọ tẹ́lẹ̀, àyà Màmá sì já débi pé wọ́n da ìrẹsì tí wọ́n ń ṣà nù. Nínú ilé wa, ẹni tó bá pè láti ìlú òkèèrè láìròtẹ́lẹ̀, òkú ló fẹ́ túfọ̀. Ẹ wá ní kí n máa ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ fi òfin tíṣà dè é: kó kúrú, kó ní ìròyìn kékeré kan, kó dárúkọ aago, kó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí. Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́:

“Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin òbí mi. Ara mi yá. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́sẹ̀ yìí. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn yín ní aago mẹ́rin òní. Bí kò bá rọrùn, ẹ kọ ‘Ọ̀la’ sí mi, ọkàn mi á balẹ̀.”

Èmi náà ń gbàgbé, nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe mọ́ ẹ̀kọ́. Ni mo bá kó ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù, mo yan ọjọ́ Àìkú, mo yan aago mẹ́ta ààbọ̀, mo ní kó máa fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó kù fún mi láti ṣe ni kí n máa pààrọ̀ gbólóhùn ìròyìn yẹn ní gbogbo Sátidé, kí n sì fi ọwọ́ ara mi pè yín tí aago mẹ́rin bá lù. Ẹ̀rù bà mí láti jẹ́wọ́ fún yín pé ẹ̀rọ ló ń kí yín. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ní agogo ilé ìwé kì í kọ́ ọmọ ní ìwé, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá lù ú, ta ló máa wọlé?

Ohun kan wà tí mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń bá mi gbé e. Aago Ìlú Ọba máa ń padà sẹ́yìn ní wákàtí kan nígbà tí òtútù bá ń bọ̀, tiwa ní Èkó kì í sún. Ẹ mọ̀ ọ́n nítorí bọ́ọ̀lù yín. Eré tí ẹ máa ń gbọ́ lórí rédíò ní aago mẹ́ta á di aago mẹ́rin. Lọ́dún tó kọjá, ẹ ti kọ̀wé sí mi ní ọjọ́ Ẹtì kó tó yí, pé kí n fi aago méjì ààbọ̀ sí i, kí n sì máa pè ní aago mẹ́ta ti ibí. Nígbà tí aago tún padà sípò, ẹ tún rán mi létí. Mo ṣe é, mi ò tiẹ̀ bi ara mi pé kí ni ìdí rẹ̀.

Ẹ wá lọ nígbà òjò. Mi ò lè wálé, ẹ mọ ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà mi. Orí fóònù ni mo ti rí wọn tí wọ́n ń fi erùpẹ̀ bò yín. Mo pa “ẹ̀yin òbí mi” rẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, mo kọ “Màmá mi” dípò rẹ̀, mo sì ní kó máa lọ.

Nígbà tí aago yí lọ́dún yìí, ta ló máa rán mi létí? Fóònù mi yí aago ara rẹ̀, kò sọ fún mi. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, mo pè, fóònù Màmá wà ní pípa. Ọ̀sẹ̀ kejì, kí n tó pè, wọ́n ti kọ “Ọ̀la.” Ọ̀sẹ̀ kẹta, “Ọ̀la.” Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Mi ò sì pè ní ọjọ́ kejì rẹ̀ rí. Mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ló pọ̀.

Àǹtí Ṣadé, télọ̀ tó gba yàrá iwájú, ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi:

“Àbúrò, mi ò fẹ́ dá sí i o, àmọ́ ó ti ń ká mi lára. Màmá ẹ á ti gbé àga síta láti three o'clock, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa nínú yàrá. Aago mẹ́rin á lọ, o ò ní pè. Half past four ni text ẹ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pé o máa pè ní aago mẹ́rin. Wọ́n á kọ ‘Ọ̀la,’ wọ́n á pa fóònù, wọ́n á lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ò ń fi wọ́n ṣeré ni? Àti pé bàtà òtútù mélòó gan-an lò ń rà? Bàtà lo rà lọ́sẹ̀ márààrún.”

Bàbá, ojú tì mí. Mi ò pààrọ̀ gbólóhùn ìròyìn yẹn láti ìgbà tí mo ra bàtà.

Ọjọ́rú ni. Mi ò ránṣẹ́ ṣáájú, mo pè wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n gbé e, wọn ò kí mi.

“Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Aago ló ṣì mí lọ́nà.”

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀rọ tó ń bá mi kí wọn.

“Ti ẹ̀rọ yẹn, bàbá ẹ ti sọ fún mi tipẹ́. Ìyẹn ò dùn mí. Bàbá ẹ ló máa ń tẹ nọ́ńbà ẹ tá a bá fẹ́ pè ẹ́, èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe òkè òkun. Mo ṣáà ń jókòó dè ẹ́. Mo rò pé o ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́ ni.”

“Rárá o, Màmá. Aago ni.”

Mo ti tún un ṣe. Aago méjì ààbọ̀ ló ń lọ báyìí, mo sì kọ “aago mẹ́rin ti Èkó” sínú rẹ̀ kedere. Mo ti sàmì sí ọjọ́ tí aago tún máa yí. Mo yọ “Ọ̀la” kúrò, mo ní kí wọ́n sọ aago tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àǹtí Ṣadé ti fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ orúkọ mi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a sọ̀rọ̀ títí iná fi lọ. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé kò yẹ kí àwọn ro búburú sí mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Lóòótọ́ ni aago yí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí “Ọ̀la” yẹn, inú mi máa ń dùn. Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn Màmá láìsí ohùn yín lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ tiwọn nìkan, ńṣe lẹ tún ń kú lójú mi. Ohun tí wọ́n rò sí mi, òun náà ni mo ṣe, àwọn ló sì ń bẹ̀ mí.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò lè sọ ọ́ fún Màmá.