Iná Èédú Nínú Yàrá Wa

Ọjọ́rú, 4 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, 2023
Mo ra ìwé yìí lónìí. Olùkọ́ wa ní abúlé máa ń sọ pé kí ẹni tó bá lọ sájò máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ọdún méjì rèé tí mo ti wà ní Kòríà, mi ò kọ nǹkan kan. Ó dáa. Mo bẹ̀rẹ̀.

Èmi Veasna, ọmọ Kampong Thom. Ewé ọbẹ̀ ni à ń já níbí, nínú ilé ọ̀rá gígùn tí kì í jẹ́ kí òtútù pa ewé. Ilé ọ̀rá kan ló ṣófo lára wọn. Wọ́n gbé kọ̀nténà sínú rẹ̀, wọ́n fi àwọ̀n dúdú bò ó lórí. Ibẹ̀ ni à ń gbé, èmi àti Bunthoeun. Abúlé kan náà, kíláàsì kan náà. Thoeun ni wọ́n ń pè é nílé, Ọ̀pọ̀lọ́ ni èmi ń pè é, nítorí ẹyinjú rẹ̀.

Olóko wa: Ọ̀gá Ọ̀la. Omi dì nínú páìpù — ó ní ọ̀la. Ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ yọ — ọ̀la.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Ọjọ́ ìsinmi. A ya fídíò tí Ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé sójú ewé rẹ̀ lórí ìkànnì. Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń ṣeré, èmi ló ń di fóònù mú. Ẹnikẹ́ni ò rí ojú mi rí, bó sì ṣe wù mí nìyẹn.

Ó fọ ṣòkòtò, ó fi kọ́ síta. Kò pé wákàtí kan tí omi fi dì lára rẹ̀, ó le bíi pákó. Ó gbé e kalẹ̀, ṣòkòtò dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ fún mi ní ìsinmi ọjọ́ kan." Ó tẹ́tí. Ó yíjú sí fóònù. "Wọ́n ní ọ̀la."

Mo rẹ́rìn-ín, fóònù gbọ̀n, a ní láti tún un yà. Ó bú mi: "Ẹ̀rín ẹ ń ba iṣẹ́ jẹ́, orí ẹ bí àgbọn!"

Òun kì í rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ máa ń rí bí ojú ẹni tó ń sìnkú. Kì í sì sọ pé òtútù mú òun. Ó ní ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń ráhùn ni. Ẹni tó bá ń bẹ ṣòkòtò ló ń ṣàwàdà. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣe é fún. Màmá Yorn rò pé inú ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ ń gbóná là ń gbé. "Tí Màmá bá rẹ́rìn-ín," ni Ọ̀pọ̀lọ́ wí, "wọ́n á sùn."

Mo sọ fún un pé irọ́ ni. Ó ní àfi kí n ra ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, kí irọ́ náà lè di òótọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Eyín ń ro Ọ̀pọ̀lọ́. Ó lọ béèrè iye tí dókítà eyín ń gbà. Ó padà dé, ó ní ìrora náà ti gbọ́ iye rẹ̀, ó ti sá lọ.

Ọjọ́bọ̀, 12
Fídíò eyín. Kì í pe iye owó ibí fún àwọn ará ilé, ẹran ọ̀sìn ló fi ń ṣírò. Kí dókítà wo inú ẹnu: pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta. Kí ó yọ eyín: ọmọ màlúù kan. Kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: ìyá ọmọ màlúù náà. Kí wọ́n gẹ irun: adìyẹ méjì, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé èmi ni mo gẹ tirẹ̀. Ó tẹ orí síwájú fóònù kí wọ́n rí i. Mo gẹ irun náà burúkú. Òótọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Ẹrù dé láti ọ̀dọ̀ Màmá Yorn. Prahok! Ẹja tí wọ́n gún, tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tó ti wà nínú ìkòkò láti ọdún tó kọjá. Ọ̀rá mẹ́fà ni wọ́n fi dì í, òórùn rẹ̀ ṣì rí ọ̀nà yọ. Awakọ̀ tó gbé e wá na apá rẹ̀ jìnnà bí ẹni tó gbé ìlédìí ọmọ. Ìyàwó Ọ̀gá Ọ̀la bi wá bóyá kòtò ìdọ̀tí ti ya. Òun tó ní kàbéèjì kíkan nínú ìkòkò láti ìgbà ìkórè!

A bu díẹ̀ sórí ìrẹsì gbígbóná. Omijé ń bọ́ lójú Ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní ata ni. A ò fi ata sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 20
Ọdún tuntun wọn ku ọjọ́ méjì. Ọ̀gá Ọ̀la kó aya àtọmọ lọ sílùú ìyá rẹ̀. Ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó dé.

Ẹní oníná tí à ń sùn lé kú ní ìrọ̀lẹ́. Súìsì ara ògiri já, kò gbà kí a gbé e padà. Gílóòbù nìkan ló ń tàn. Mo pe Ọ̀gá. Mi ò ní kọ ohun tó sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21
A fúnra wa pe oníṣẹ́ iná. Obìnrin kan ló gbé fóònù. Ó ní ọdún ni, ọ̀nà sì jìn: owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó fọwọ́ kan wáyà. Ọ̀pọ̀lọ́ bi í bóyá ẹ̀dínwó wà tó bá jẹ́ pé ojú títì ni oníṣẹ́ iná ti máa wo wáyà náà. Ó já fóònù mọ́ wa létí.

Ọjọ́ Àìkú, 22
Èmi ni mo ro ó. Mo ní, "Ṣé a ò mọ iná dá mọ́ ni?"

Ààbọ̀ dọ́rọ́ọ̀mù kan wà lẹ́yìn oko tí àwọn àlejò Ọ̀gá fi ń sun ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti àpò èédú. Nílé wa, orí òpó ni ilé ń dúró sí, abẹ́ rẹ̀ ni iná ń wà. Ilẹ̀ ilé jẹ́ ọparun, ògiri jẹ́ ewé, èéfín ń gbabẹ̀ lọ. Èéfín nìkan la mọ̀ pé ó ń pa èèyàn lára. Torí náà mo dáná náà síta, mo dúró títí ó fi pọ́n tí kò rú èéfín kankan mọ́, mo wá gbé e wọlé. Mo rò pé mo gbọ́n.

A fi ewé perilla tí à ń já lóko dì prahok, torí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò sí, a sun ún. Háà.

Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà kí gbogbo yàrá lè wọ inú àwòrán. Ọ̀pọ̀lọ́ bọ́ ẹ̀wù, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi bẹ Kòríà, ooru fẹ́ pa mí. Oníṣẹ́ iná gba màlúù. Èédú yìí, ẹja kan péré ló gbà." Ojú ẹni tó ń sìnkú. Ó gbé fídíò náà sójú ewé rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 23
Ogójì ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti wò ó! Àwọn ará wa ní oko káàkiri ń gbé e sójú ewé tiwọn. Àwọn kan ya àwòrán iná tiwọn ránṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n Thoeun, màlúù mi ti bọ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná." A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24
Ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ èyí.

Òtútù òní kò ní orúkọ. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán a gbé iná wọlé, a sì ti ilẹ̀kùn torí afẹ́fẹ́. Orí ń fọ́ mi. Ọ̀pọ̀lọ́ ní prahok ni mo jẹ jù. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Òun. Kò sí nǹkan kan tó pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi rí bí aṣọ tútù. Mo fàyà fà dé ẹnu ọ̀nà — ìkọ́ ilẹ̀kùn ga jù — mo ṣí i. Mo di ẹsẹ̀ Ọ̀pọ̀lọ́ kan mú, mo fà á jáde sórí yìnyín.

Obìnrin kan láti oko kejì rí wa, ó pe ọkọ̀ aláìsàn. Ọ̀pọ̀lọ́ ń bì, ó ṣì ń bẹ̀ ẹ́ kó má pè wọ́n, pé agbo màlúù ló máa gbà. Ọkọ̀ náà dé. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́! Ọdún méjì, a ò mọ̀.

Dókítà ní èédú pípọ́n ń tú ohun kan jáde tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Mo ní a ti dá irú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kò ṣe wá ní nǹkan kan; ó ní kí ni ìyàtọ̀? Mo rò ó. Lọ́jọ́ Àìkú, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Èmi ni mo dúró sí i. Kò sí ẹni tó wo fídíò tó lè rí i.

Ọjọ́rú, 25
Mo ní kí ó pa fídíò náà rẹ́. Ó ní, "Màmá á béèrè ìdí."
"Sọ ìdí fún wọn."
"Ìwọ kò ní ìyá tó ń ṣàìsùn."
"Àwọn tó ń dáná náà ní ìyá."
Ó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti wà lójú ewé àwọn mìíràn, ọwọ́ wa ò tó o.

Ó ya òmíràn lórí bẹ́ẹ̀dì, ike atẹ́gùn ní imú. Ó sọ ọ́ kedere: ẹ má gbé èédú wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Àwọn tó wò ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn. "Ẹ̀gbọ́n ti ra imú erin! Màlúù mélòó?" "Ojú yẹn á pa mí o!" Ó tún un sọ. Ẹ̀rín pọ̀ sí i.

Ọjọ́bọ̀, 26
Nígbà tí Ọ̀pọ̀lọ́ ń sùn, mo pe Màmá Yorn. Mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀: kọ̀nténà, ẹní oníná, iná, ilé ìwòsàn. Àkùkọ ń kọ lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "Dúró, Veasna. Jẹ́ kí n jókòó ná." Lẹ́yìn náà: "Ṣé ó ń jẹun?" Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn ń pe ọmọ àbúrò àwọn kó wá fi fóònù rẹ̀ ya fídíò àwọn.

Nínú fídíò tí wọ́n gbé síta, wọ́n jókòó sórí àkàsọ̀ ilé. Wọn ò pariwo. "Èmi ni mo bí Thoeun. Ọmọ mi ò ṣàwàdà. Ẹ̀yin tí ẹ ní iná nínú yàrá, ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ gbé e síta. Mo ń dúró."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀lọ́ ò bá mi sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 27
A padà sóko. Ọ̀gá Ọ̀la mú oníṣẹ́ iná wá. Ó pààrọ̀ súìsì kan tó tóbi bí àtàǹpàkò. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28
Wọ́n ń kọ̀wé sí Màmá lójú ewé wọn. "Ìyá, a ti gbé e síta." "Ìyá, àwa mẹ́rin ni, a ti pa á." Mo ka ọgọ́ta, mo ṣíwọ́ kíkà.

Ọjọ́ Àìkú, 29
Lẹ́tà kan wọlé ní àárọ̀. Obìnrin ni, Sokhoeurn, ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń di ẹja. Àbúrò rẹ̀ Chanthy wà ní oko èso kan ní gúúsù. Ọjọ́ Ajé, àwọn méjèèjì jọ wo fídíò wa lórí fóònù, kálukú níbi tó wà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Chanthy dáná tirẹ̀. Òun nìkan ló wà nínú yàrá. Ọjọ́rú ni wọ́n já ilẹ̀kùn.

Kò bú wa. Ó kàn béèrè: nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ro ó?

Ọ̀pọ̀lọ́ kà á lẹ́yìn mi. Ó ní, "Kọ orúkọ mi. Ojú mi ni wọ́n rí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ẹ́." Ó na ọwọ́ sí fóònù. Mi ò fún un. A jà sí i, jíjà gidi, títí ó fi jókòó sílẹ̀ tó bo ojú rẹ̀.

Mo kọ ọ́: Èmi ni. Veasna ni orúkọ mi. Èmi ni mo ro ó, èmi ni mo dá a, èmi ni mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo kọ orúkọ bàbá mi àti abúlé wa sí i kí ó lè mọ ibi tí ó ti máa wá mi.

Ó ti kà á. Mo rí àmì pé ó ti kà á.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò tíì dáhùn.