Ẹ̀jẹ̀ Kì Í Ṣe Wàrà Ọmú

Ọ̀nà Ìbá, Ọ̀jọ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Munirat, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù àlékùmù. Mo kí ọ, mo sì kí àwọn ọmọ iléèwé rẹ ní Ìsẹ́yìn. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ara rẹ le, kí oúnjẹ máa wù ọ́ jẹ. Bàbá rẹ ń kí ọ. Èmi náà wà láàyè, àfi ọkàn mi tí kò balẹ̀. O kì í gbé fóònù mi mọ́, mi ò sì dá ọ lẹ́bi. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ọ̀rọ̀ Sherif ni. Jọ̀ọ́, má tíì ká ìwé náà padà.

O rántí ọdún tí ọ̀kadà gbé e ṣubú ní Òkòkòmàíkò, tí wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu, tèmi ló bá a mu. Mo na apá, wọ́n fà á, ọmọ yẹn sì yè. Ọ̀kan ṣoṣo nìyẹn nínú ohun tí mo ṣe fún un tí mo lè fi yangàn. Lọ́dún kejì tó wá tọrọ rẹ láti fi ṣaya, bàbá rẹ gbà. Èmi ni mo sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ̀ mi tó wọ ara rẹ̀ ti sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n rẹ bí ẹni tó mu ọmú mi, pé ẹ kò lè fẹ́ ara yín, pé Ààfáà Muheez ní Ìbá ló sọ bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀sìn ti parí ọ̀rọ̀.

Munirat, n kò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Nígbà tí mo débẹ̀, Ààfáà ní, "Ìyá Munirat, ẹ jẹ́ kí n bi àwọn tó jù mí lọ." Èmi ni n kò jẹ́. Mo ní ọmọ tó mu ọmú mi ti dọmọ mi, èyí tí ẹ̀jẹ̀ mi ń sàn lára rẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ kò ju ọmú lọ ni? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹní tuntun fún ilé-kéwú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó tẹ orí ba, ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé "ó jọ bẹ́ẹ̀" délé, mo sọ ọ́ di "Ọlọ́run wí." Òótọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni pé n kò fẹ́ kí ọmọ tí mo rán lọ sí yunifásítì fẹ́ rewáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní páàkì. Ojú ń tì mí láti sọ ìyẹn, mo wá fi ẹ̀sìn bo ara.

Láti Ráńmásáànì ni Àlháájà Maimunat, opó sójà kan láti Bárékè, ti ń wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ní Àsàlátù, ìpàdé àdúrà wa, ní gbogbo Sunday. Obìnrin kúkurú ni, kì í pariwo. Lọ́jọ́ kan ó sọ̀rọ̀ lórí orísun mẹ́rin tí òfin ẹ̀sìn wa ti ń jáde: Àlùkùránì, sùnná, ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, ìjímáà, èyíinì ni kí gbogbo onímọ̀ ìgbà kan fohùn ṣọ̀kan, lẹ́yìn náà kíyáásì, kí a fi ọ̀ràn tuntun wé èyí tó ti ní ìdájọ́, nítorí pé ìdí kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Ó ní ìgbà tí a kò bá rí nǹkan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kíyáásì ń ṣiṣẹ́. Kíyáásì tó bá dojú kọ ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere, òun ló máa kúrò lọ́nà. Ó ní àwọn onímọ̀ mìíràn tilẹ̀ ń kọ́kọ́ wo ìjímáà nígbà tí àríyànjiyàn bá dé, kì í ṣe pé ó ju ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ, bí kò ṣe pé ó ti jẹ́ kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà dá gbogbo wọn lójú.

Mo nawọ́, mo ní aládùúgbò mi kan ló ní ìṣòro, mo sì ro ẹjọ́ náà.

Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nínú Súrà Nísáì nínú Àlùkùránì, Ọlọ́run ka àwọn obìnrin tó jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin, ìyá ọmú àti ọmọ ìyá ọmú wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ó ní àwọn tó kù jẹ́ ẹ̀tọ́. Kò dárúkọ ẹni tó fúnni ní ẹ̀jẹ̀. Ó ní Ànábì sọ pé ohun tí ìbí sọ di èèwọ̀ ni ọmú ń sọ di èèwọ̀. Ọmú ló sọ. Mo jà, nítorí Ààfáà ti fún mi ní àlàyé kan lọ́jọ́ tó gbà fún mi. Mo ní hàdíìsì, ọ̀rọ̀ tí Ànábì sọ, ṣáà dín ohun tí āyà yẹn, ẹsẹ Àlùkùránì náà, fàyè gbà kù, nítorí kò sí nínú rẹ̀ pé ọkùnrin kò gbọdọ̀ fẹ́ obìnrin pọ̀ mọ́ arábìnrin bàbá obìnrin náà, síbẹ̀ Ànábì kọ̀ ọ́. Kí ló dé tí kíyáásì kò lè dín in kù?

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní aládùúgbò mi gbọ́n. Ó ní bí ẹ̀rí méjì bá dà bí ẹni ń jà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ a kọ́kọ́ wá bí wọn ó ṣe jọ gbé: a óò di āyà mú, a óò sì yọ ìwọ̀nba ohun tí Ànábì yọ. Bí wọn kò bá ṣeé so pọ̀, a óò wo èyí tó dé kẹ́yìn. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, a óò wọn èyí tó lágbára jù. Ó ní àwọn onímọ̀ kan gbà kí kíyáásì tó múná dóko dín āyà kù, ṣùgbọ́n èyí yarọ. Oúnjẹ ọmọ ni wàrà ọmú. Oògùn ni ẹ̀jẹ̀, Àlùkùránì tilẹ̀ kọ̀ ọ́ ní jíjẹ. Ìdí wọn kò dọ́gba. Ó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni ọkùnrin náà nígbà tó gba ẹ̀jẹ̀. Mo ní mẹ́tàlélógún.

"Ẹni tó ti hu irùngbọ̀n ni wọ́n tún ń fún lọ́mú?" Bámikẹ́, ọ̀kan nínú àwa obìnrin Àsàlátù, ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó dà bí iyanrìn lẹ́nu mi.

Àlháájà ní òtítọ́ ni Bámikẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ ọmọ ni ọmú fi ń sọni dìbátan lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ onímọ̀. Bí àgbàlagbà bá tiẹ̀ mu wàrà ọmú gan-an, kò dọmọ; báwo ni ẹ̀ka ṣe fẹ́ lágbára ju gbòǹgbò lọ? Mo bi í bóyá ìjímáà wà lórí rẹ̀. Ó ní òun kò ní pè é bẹ́ẹ̀, nítorí tuntun ni gbígba ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ayé òde òní tó jókòó lé e lórí ti ní kò sọ ẹnikẹ́ni di èèwọ̀.

Nígbà tí a ń jáde, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ sọ fún aládùúgbò yín kó yára," ló wí. "Ọlọ́run kọ̀ kí a máa fi ahọ́n wa pe ẹ̀tọ́ ní èèwọ̀."

Mo ti lọ bá Ààfáà Muheez. Kò bá mi jiyàn. Ó tẹ̀lé mi délé, ó jẹ́wọ́ níwájú bàbá rẹ. Bàbá rẹ kò bú mi. Ó kàn bi mí léèrè ìdí, mo sì sọ ọ́, ti páàkì náà.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ kúnlẹ̀ fún ìyá Sherif, Tàwàkálítù, ní Òkòkòmàíkò. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ẹ̀jẹ̀ rẹ ló ń rìn lára ọmọ mi. Bí mo bá ṣépè fún ọ, ibo ni yóò gbà kọjá?" Ó ní ọmọ òun kò tíì gbéyàwó. Sherif bọ́ síta nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, Munirat, ó pè mí ní ìyá. Mi ò mọ ibi tí mo máa fi ojú sí.

Mi ò ní kí o padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti pàṣẹ lórúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan, n kò tún ní pàṣẹ lórúkọ ara mi. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé ẹ̀sìn kọ́ ló gbà á lọ́wọ́ rẹ. Èmi ni. Dárí jì mí.

Kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà fún ọ, kí ó má jẹ́ kí o fi àṣìṣe mi ṣe ẹrù. Wàá bímọ, wàá gbọ́n jù mí lọ lórí wọn. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Àwẹ̀ró.

Àfikún: Mo gba nọ́ńbà Sherif, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá ibí yìí, kí o lè ya á kúrò bí o kò bá fẹ́ ẹ. N kò fún un ní tìrẹ. Ó bẹ̀ mí, mo ní kì í ṣe tèmi láti fúnni.