Àtàǹpàkò Tó Di Káàdì Mú

Kétu, Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì.

Awakọ̀ kan tó ti Nàìjíríà dé ló fi àpòòwé kan lé mi lọ́wọ́ ní bíúrò ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, fọ́tò káàdì ìpè síbi ìgbéyàwó. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò sí ọ̀rọ̀ kankan.

Yìgì Sẹ̀líátù ọmọ mi ni. Mo kà á dé "ọmọ olóògbé Àlàbí", mo jókòó. Èmi ni Àlàbí. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo fi òun àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nísàlẹ̀ káàdì, wọ́n ní ká fèsì sí ìyá rẹ̀. Mo kọ ọ́ bó ti yẹ: "Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí síbi yìgì Sẹ̀líátù àti Mùtíù, ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí. Ó dùn mí pé n kò ní lè wá. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i." Mi ò sọ ìdí. Òkú kì í ṣàwáwí. Mo tiẹ̀ fi "Ehuzu dandan", àyípadà dandan ni, parí i, bí a ti ń parí lẹ́tà ìjọba níbí. Wèrè! Mo pa á rẹ́.

Ìgbà tí mo gbé fọ́tò náà sún mọ́ àtùpà ni mo rí àtàǹpàkò tó di káàdì mú, àti àpá iná tó wà lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Sẹ̀líátù nígbà tí iná jó o níbẹ̀. Èmi ni mo fi epo pa ojú egbò náà.

Ó mọ̀ pé mo wà láàyè.

Mo fa ìwé àkọ́kọ́ ya. Mo kọ òmíràn: "Sẹ̀líátù, mo rí káàdì rẹ. Màá wá." Awakọ̀ náà máa gbà á láàárọ̀. Ó ku orúkọ. Mo ti kọ "Àlàbí" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló ń jọ èyí tí wọ́n ń kọ sórí sàréè.