Ẹ Ní Kí Ó Máa Bi Mí Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín o, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, mo kí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́. Ara wa le. Ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi ti ń fúyẹ́, àwọn kan sì ti ń gbé aṣọ wá fún mi rán.

Wọ́n ṣì ń yìn yín níbí pé olórí ọ̀rẹ́ ìyàwó yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ẹ sọ bí mo ṣe máa ń sá sábẹ́ tábìlì ní kékeré tí àlejò bá dé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ò mẹ́nu ba ẹní tí mo máa ń tọ̀ sí. Ẹ ní èmi tí mi ò lè sọ̀rọ̀ yìí náà ni mo tọ́jú ìyá wa títí ara wọn fi yá. Lẹ́yìn náà lẹ yíjú sí ọkọ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ọkọ wa, a ò wá kọ́ yín nílé yín o. Ẹ ṣáà máa bi í lẹ́ẹ̀mejì, ìtìjú ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn." Ìgbà náà lẹ ní kí gbogbo èèyàn gbé ife sókè fún wa.

Ó gbọ́ràn o. "Ṣé o yó?" "Mo yó." "Àṣẹ ẹ̀gbọ́n ẹ ni o, ṣé o yó?" Ni màá bá tún bu oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n lánàá, ó bi mí bóyá àárò ilé ń sọ mí. Mo ní rárá. Ó tún bi mí, mo tún ní rárá. Ẹ̀rù ń bà mí kó má rò pé òun ò tó mi. Ó gbà mí gbọ́, ó lọ síbi iṣẹ́, yàrá sì dákẹ́ lọ rọ́rọ́.

Ẹ má bá mi sọ fún un o. Ẹ kàn kọ bí màá ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní dùn ún ránṣẹ́ sí mi. Ọlọ́run á fún ẹ̀yin náà ní ẹni rere.

Èmi àbúrò yín, tí àárò yín ń sọ gan-an.