Èèyàn Mẹ́rìndínlógójì Tí Ìfẹ́dayọ̀ Ní Ká Bá Òun Sọ Lórúkọ

Abúlé Onípàńsá,
Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìfẹ́dayọ̀ ọmọ mi, ní Festac,

Ṣé ara le? Ṣé omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ yín? Ọlọ́run tó ń mú ọ sọdá títì Badagry láàárọ̀ á máa mú ọ sọdá padà nírọ̀lẹ́. Bí o bá ti ṣe àmín, ó tó, máa ka ìyókù lọ.

Àwa náà wà níbí. Orúnkún bàbá yín ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Òjò tó rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá pọ̀ débi pé ẹja wọlé wá bá mi ní ìdí ààrò, mi ò sì lé e. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù bàbá yín náà dé. Mo kí ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, o ò dáhùn, ńṣe lo ń sọ tìrẹ lọ, mo ní kí ni mo fi ṣe ọmọ yìí. Bàbá yín tún un tẹ̀, o tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, o ò fo gbólóhùn kan, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ká ọ lára.

Mo gbọ́ pé o kọ ìwé, pé Àǹtí Bernice tó ń bá àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní orúkọ inú rẹ̀ rí wúruwùru, pé bí àwọn ará ìlú kan náà ò bá jẹ́ orúkọ bí ọmọ ilé kan náà títí di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ìwé ẹlòmíì ni wọn yóò tẹ̀. O ní èmi tí mo ti bá abúlé yìí sọ ọmọ mẹ́tàdínlógún lórúkọ, kí n gbà ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣínà tó lọ ra páàtì ọkọ̀ ní Trade Fair ṣe mú ìwé orúkọ rẹ dé, èèyàn mẹ́rìndínlógójì. Ọmọ mi, àyà mi já. Mo bi bàbá yín pé ibo ni Ìfẹ́ ń kó gbogbo wọn sùn sí nínú yàrá kan yẹn. Wọ́n ní ṣé o kúkú sọ pé inú orí rẹ ni wọ́n ń gbé, bí Èkó ṣe rí nìyẹn, owó ilé ti wọ́n jù.

Ogún nínú wọn jẹ́ ará Ìlú Òkè, mẹ́rìndínlógún jẹ́ ará Ìlú Odò tí wọ́n ń bá jagun. Mo ránṣẹ́ sí Bàbá Ọláníran tó ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ṣe ìsàmì fún sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì láti ogójì ọdún. Wọ́n gbọ́ àlàyé rẹ nínú fóònù pé ọmọ Òkè, orúkọ wọn kúrú, ó le bí òkúta, K àti G àti D àti R ló kún inú rẹ̀, ọkùnrin á parí sí -rù, obìnrin á parí sí -rá. Ọmọ Odò, tiwọn gùn, ó ń ṣàn, L àti M àti N àti W àti Y ni, ọkùnrin á parí sí -yélì, obìnrin sí -yélà. Bàbá Ọláníran ní ó yé àwọn. Wọ́n ní níbí, iwájú orúkọ la ti ń mọ ilé, bí o bá gbọ́ Ayántúndé àti Ayánwálé o ti mọ ilé tí wọ́n ti wá, o ò tíì rí ojú wọn. Ìwọ wá so tìrẹ mọ́ ìrù. Wọ́n ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti so ó mọ́ ìrù, kó má dé àárín ọ̀nà kó tún gbàgbé.

Ìwọ gbàgbé. Mo rí Dennis tí o fi ṣe olórí ogun Òkè. Dennis wo? Bàbá Ọláníran ní kí a fi D rẹ̀ sílẹ̀ fún un kó lè dá ara rẹ̀ mọ̀, ó di Dígarù. Mo tún rí Kúgarù, Kúdarù àti Kógarù, ọmọ ìyá mẹ́ta. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo pe Kúgarù, mo ní kí bàbá yín sọ ẹni tí mo pè láti ojú oorun wọn. Wọ́n ní Kógarù. Mo pe Kúdarù, wọ́n ní kí n yé pariwo mọ́ Kógarù. Ọjọ́ tí oúnjẹ bá délẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa dá ọ lóhùn. A fi ìrù wọn sílẹ̀, a yí orí wọn padà: Kúgarù, Dákorù, Ródirù. Lẹ́yìn ìyẹn bàbá yín ò ṣì wọ́n pè mọ́. Ọmọ Odò kan wà tí orúkọ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ mi fi jẹ iṣu tán kí n tó pè é dé ìdajì. A gé e sí Lúmayélì. Ìlú wọn pàápàá, a ní kó jọ wọ́n: Dùgárù lórí òkè, Wonúyélì létí omi.

O kọ síwájú ẹni tí a sọ di Ródirù yìí pé yóò kú ní orí kẹsàn-án. Mi ò mọ ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bóyá ó kọjá Alákijà. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá wúwo rèé. Ọba Òkè ń jẹ́ Gákurù, ayaba ń jẹ́ Kodirá, àrẹ̀mọ wọn wá ń jẹ́ Miláyélì. Àǹtí Bernice fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé àṣìṣe ni, kí o yí i padà. Bàbá Ọláníran bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n ní orúkọ yìí ò ní àṣìṣe kankan, L rẹ̀ pé, M rẹ̀ pé, ìrù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ Odò ni. Ilé tí wọ́n kọ ọ́ sí ni ẹ wò.

Mo wò ó. Mo rí ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ Kodirá, pé kó tó wọ ààfin, ó lo ọdún kan létí omi, ó lọ ra iyọ̀. Ìfẹ́dayọ̀, iyọ̀ wo ni wọ́n ń fi ọdún kan rà? Bàbá yín ní ká má dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé. Ṣùgbọ́n obìnrin ni mí. Obìnrin yẹn ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láàfin, ó wá fi orúkọ sọ ọ́, kí bàbá ọmọ lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan bí wọ́n bá pè é lójú ogun.

Nítorí náà, a ti yí mọ́kànlá padà, mẹ́rìnlélógún jókòó dáadáa, ó ku Miláyélì nìkan, mo sì ti fi bírò aláwọ̀ búlúù tèmi fa ìlà gba orí pupa yẹn kọjá. Fi hàn Àǹtí Bernice bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Bó bá bi ọ́, sọ fún un pé nínú ẹni mẹ́rìndínlógójì yìí, kálukú ló ń jẹ́ orúkọ ilé bàbá tó bí i. Bó bá jẹ́ abiyamọ, kò ní béèrè ẹ̀ẹ̀kejì.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. O ní ti oṣù tó kọjá wọ inú fóònù bàbá yín, a tú fóònù náà palẹ̀, bátìrì nìkan la bá níbẹ̀. Fi eléyìí lé Ṣínà lọ́wọ́.

Ohun tí o fi ọwọ́ rẹ kọ, ojú rẹ á rí i lórí àtẹ. Àwọn tí ń bẹ nínú orí rẹ ò ní pọ́n ọ lójú, wọn á san án fún ọ ní rere. Orúkọ rẹ náà ò ní ṣìnà ilé.

Èmi ìyá rẹ,
Juliana.

Mo gbàgbé: má jẹ́ kí Ọba Gákurù rí lẹ́tà yìí.