Ẹ̀rín Kejì Ni Kò Jẹ́ Kí N Sinmi

Olóòtú wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó gbé rédíò sétí. Ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Ilẹ̀ òkèèrè ni mo ti kàwé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè wa padà ni.

Àbúrò bàbá mi ni ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà. Lọ́jọ́ Ẹtì, níwájú àwọn oníbàárà, ọ̀gá ní, "Ẹ gbọ́ Yorùbá ọmọ yìí, bí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in, mo wá ní, "Òótọ́ ni, ọ̀gá. Àná gan-an ni mo kan ẹsẹ̀ kẹta. Ẹ̀yin lẹ mọṣẹ́, ẹ bá mi kan ìkẹrin." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá alára gbá mi léjìká, wọ́n ní, "O káre."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí, àmọ́ orí mi ti wú. Mo tún ní, "Ó kúkú sàn ju àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tẹ́ ẹ kàn fún dókítà kan lọ, tó gbé e ṣubú." Ẹ̀rín yẹn pọ̀ ju ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá ò rín. Wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n ń gbálẹ̀, iṣẹ́ tó jẹ́ tèmi.

Láti ìgbà náà, ọ̀gá ò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ mọ́, wọn ò sì kọ́ mi níṣẹ́. Mo ń jókòó, mo ń dìde. Ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n bẹ̀ wọ́n ní kọ̀rọ̀ ni, àbí lójú àwọn oníbàárà kan náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ka lẹ́tà yìí. Ètò yín ni èmi àti ọ̀gá máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni, Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta.