Ìwé Tó Wà Láàárín Àwo Kejìlá àti Ìkẹtàlá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo ṣí páálí àwo kan láàárọ̀, láti inú ilé-ẹrù mi lábẹ́ àtẹ̀gùn. Àwo mẹ́rìnlélógún — méje ti fọ́. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mẹ́fà. Inú bí mi débi pé mo jókòó sórí páálí náà.

Jẹ́jẹ́ aláàárù ni mo tún ń bú nínú ọkàn mi. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń ti ọmọlanke kó ẹrù mi. Lọ́jọ́ Ẹtì ni mo sọ fún un níwájú gbogbo ìsọ̀ pé kó má fọwọ́ kan ẹrù mi mọ́. Ọjà ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ nítorí ó rọra. Jẹ́jẹ́ kẹ̀.

Mo sì kọ ẹ̀sùn sí oníṣòwò tó ń kó àwo wọlé fún wa. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé. Ó ní òun máa fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é lókè òkun, bí òun ṣe máa ń ṣe.

Ìgbà tí mo ń ṣa èyí tó dáa ni mo rí i. Ìwé pélébé, wọ́n ṣẹ́ ẹ po mẹ́rin, ó wà láàárín àwo kejìlá àti ìkẹtàlá. Bírò búlúù. Mi ò mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ààrẹ Àga — ọkọ mi, tí kì í dìde — ní ẹlẹ́wọ̀n ló ń ké fún ìrànwọ́. Oníkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní mo ti jẹ ẹ̀bùn, kí n má gbàgbé òun.

Ọmọ mi obìnrin ya ìwé náà sínú fóònù. Fóònù ka gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára páálí, kò ṣòro fún un. Ìwé àfọwọ́kọ ló kó o sí wàhálà. Ohun tó rí kà: «ẹyẹ… dúró… ọ̀la… ìyá ìwé.» Ààrẹ Àga ní ó dájú pé wọ́n ti ti ìyá ẹyẹ mọ́lé. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹnìkan fi kọ̀wé sí ẹni tí kò mọ̀ rí?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo rí Màmá Ògbufọ̀. Yàrá kan lókè ilé tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Ìwé ilé-ẹjọ́ àti ti ilé-ìwé ló máa ń túmọ̀. Ọdún mẹ́jọ ló fi gbé lókè òkun, níbi tí àwo ti ń wá. Obìnrin tó gbẹ, tó le.

Mo ní kó sáà sọ kókó rẹ̀ fún mi. Ó ní òun kì í ta kókó, odindi lòun ń tà. Ó fi ojú kà á lẹ́ẹ̀mejì láìla ẹnu. Ó bi mí ibi tí ìwé náà wà nínú páálí, àti bí àwo ṣe tò. Ó ní ẹni yìí ń sọ̀rọ̀ nípa «ẹ̀gbẹ́» àti «òkè», òun ò sì lè túmọ̀ ohun tí òun ò rí. Kí n lọ gbé páálí wá.

Ọ̀rọ̀ kan ti rin omi. Kò méfò rẹ̀. Ó fi àlàfo sílẹ̀, ó ní òun máa fi han ẹlẹgbẹ́ òun kan.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo gbé páálí òfìfo gun òkè. Ó yí i, ó tẹ ìka mọ́ ọfà tó wà lára rẹ̀, ó mi orí. Ó wá kà á fún mi. Mo dà á kọ síbí kí n má bàa gbàgbé:

«Ẹ̀yin tí ẹ ṣí páálí yìí, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni ẹni kọkànlélógún ní ìlà ìdì-ẹrù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń di àwo, ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ń fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní àwo tí mo bá dì máa ń fọ́. Mi ò gbà. Mo máa ń dá wọn dúró ní ẹ̀gbẹ́, bí ìwé lórí pẹpẹ, nítorí àwo tó dúró kì í ru ẹnìkejì. Mo máa ń fi páálí (pẹlẹbẹ) sáàárín. Kí ọfà ṣáà máa wo òkè. Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ló fọ́? Nọ́ńbà ọmọ mi nìyí.»

«Pẹlẹbẹ» ni ọ̀rọ̀ tó rin omi. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fẹnu kò sí i.

Mo ní, «Àwọn ẹ̀sùn yẹn, èmi ni mò ń kọ ọ́.»

Màmá Ògbufọ̀ ní ìyẹn ò sí nínú ìwé, òun ò lè fi kún un.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ilé-ẹrù mi kò ga. Tí páálí bá dúró, mẹ́ta péré ló ń gba ara wọn lórí. Tí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, márùn-ún. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọfà yẹn — mo rò pé ọ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ ni.

Mo tú márùn-ún tó wà lórí ara wọn. Ti òkè pátápátá: kò sí èyí tó fọ́. Ti àárín: mẹ́rin. Ti ìsàlẹ̀: mẹ́sàn-án. Àwọn tó sún mọ́ ilẹ̀ jù ló fọ́ nínú gbogbo wọn, torí wọ́n ti dùbúlẹ̀, àwọn yòókù sì ń jókòó lé wọn.

Jẹ́jẹ́ máa ń gbé wọn dúró sínú ọmọlanke, mẹ́rin mẹ́rin. Èmi ni mo ń pariwo pé kó fi wọ́n lélẹ̀ kí mẹ́fà lè gbà. Mo ní ó fẹ́ sọ ìrìn kan di méjì.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ojú ń tì mí. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo sọ fún ẹni tó yẹ. Mo bá Jẹ́jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aláṣọ, ó ń so okùn. Mo kúnlẹ̀, bó ti wù kó rí, ó jù mí lọ. Mo ka ìwé náà fún un, mo sọ ti ilé-ẹrù. Ó ń so okùn lọ títí mo fi parí.

Ó ní, «Mo rí ọfà yẹn níjọ́ àkọ́kọ́, ìyàwó wa. Ẹ ní kí n má kọ́ yín ní òwò yín.»

Òtítọ́ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo tọrọ àforíjì níwájú àwọn aláṣọ, nítorí níwájú ìsọ̀ ni mo ti bú u. Àwọn obìnrin yẹn pàtẹ́wọ́ fún mi bí ẹni pé mo gbé ọmọ tuntun jáde. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ìdáhùn. Mo fẹ́ kọ pé kò fọ́ rárá, kí inú bàbá tó kọ̀wé yẹn lè dùn. Màmá Ògbufọ̀ gbé bírò sílẹ̀, ó ní ohun tí mo bá sọ lòun máa túmọ̀. Jẹ́jẹ́, tó gbé ọmọlanke sílẹ̀ láti bá mi gun òkè, ló sọ̀rọ̀. Ó ní, «Bí ẹ bá ní kò fọ́, ta ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe bàbá yẹn ló fọ́ èyí tẹ́ ẹ fi sùn ún?»

Mo wá kọ ọ́ bó ṣe rí: méje fọ́, èmi ni mo tẹ́ wọn dùbúlẹ̀, ọwọ́ yín mọ́. Mo fi kún un pé aláàárù mi ti rí ọfà yẹn ṣáájú mi. Mo kọ òmíràn sí oníṣòwò, mo ní kó fa ẹ̀sùn márààrún yẹn ya, kó sì sọ fún ilé-iṣẹ́. Màmá Ògbufọ̀ ka tèmi padà fún mi ní èdè wa kó tó fi ránṣẹ́, láti mọ̀ bóyá ohun tí mo sọ ló wà níbẹ̀. Òun náà ni.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ẹrù tuntun. Mẹ́rin mẹ́rin, ọfà sókè. Mo ṣí kan: mẹ́rìnlélógún pé. Mo jó. Oníkòkò ń béèrè ẹ̀bùn rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin

Ìdáhùn ti dé lórí fóònù. Ọmọ bàbá yẹn ló kọ ọ́. Màmá Ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ wá sí ìsọ̀ láti kà á, obìnrin tí kì í sọ̀kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ní bàbá òun ka ìwé mi fún gbogbo àdúgbò, lẹ́yìn náà ó gbé e lọ sí ìlà ìdì-ẹrù, ó dúró níwájú ọ̀gá, ó kà á síta. Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ẹ̀bi. Bàbá náà kí mi, kò bínú. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù: ó wu òun kí òun bọ ọkùnrin tó rí ọfà yẹn lọ́wọ́.

Màmá Ògbufọ̀ yíjú sí Jẹ́jẹ́, ó tún un kà fún un. Jẹ́jẹ́ gbé okùn sílẹ̀, ó sì nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, bí ẹni pé bàbá náà ti dé iwájú ìsọ̀.